Bí Inú Rere Ṣe Di Ikùn Dáadáa

Ẹ má bi mí ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Dápadà là ń pè é ní ọ́fíìsì wa, Dápadà náà ló sì ń jẹ́ títí dòní. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń bí èèyàn nínú.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ là ń ṣe, nínú yàrá méjì tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ṣọ́ọ̀bù gbajámọ̀. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Kíákíá ló ń sọ Yorùbá di Lárúbáwá. Ìnagijẹ rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì fà á: kí oníbàárà tó jókòó dáadáa, Kíákíá á ti ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, á ti mú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ bá bà lé, á sì ti kọjá síwájú. Tó bá parí, Dápadà á gba Lárúbáwá náà, á wọ yàrá inú lọ, á ti ilẹ̀kùn, á sì dá a padà sí Yorùbá. Kò gbọdọ̀ fojú kan Yorùbá àkọ́kọ́ rárá. A kọ òfin yẹn sára ògiri pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, lókè ibi tí a ń gbé agboòrùn sí.

Èmi ni mo máa ń gbé bébà méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Yorùbá tó lọ àti Yorùbá tó bọ̀. Níbi tí wọn ò bá ti bára mu, màá fi báírò pupa yí i po. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Àǹtí Pupa, bẹ́ẹ̀ mo dúdú bíi kóró iṣin. Pupa yẹn kì í ṣe ẹ̀bi o. Ìbéèrè ni. Ó kàn ń sọ pé ẹ yà síbí, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà.

Dápadà ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, pupa kan ṣoṣo lórí bébà rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bú bàbá rẹ̀ tó kọ́ ọ ní Lárúbáwá. Tí bébà rẹ̀ bá padà láìní pupa, á kó o sínú agolo bisikíìtì kan tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń kó wọn jọ. Agolo yẹn ti kún débi pé okùn ló fi ń de ìdérí rẹ̀. Tí mo bá ní kó jẹ́ ká dáná sun wọ́n, á wò mí bíi pé mo fẹ́ sun ọmọ rẹ̀.

Nílé, ọwọ́ kan náà ni. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá Dápadà lòun náà ti kọ́ Lárúbáwá, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Ọkọ yìí mọ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà nìkan ló mọ̀. Ohun tí o bá sọ ló gbọ́, kò sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Dápadà sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, “Ẹ bá mi fojú sí ìkòkò yìí, mo ń bọ̀.” Nígbà tó dé, ilé ti kún fún èéfín, ọkọ rẹ̀ jókòó síwájú iná, ó tẹjú mọ́ ìkòkò náà. Ó ní, “Mo ń wò ó o. Ojú mi ò kúrò lára ẹ̀.”

Dápadà sọ ìtàn yẹn fún gbogbo ayé. Tirẹ̀ yàtọ̀, ó ní: kí o tó ya ẹnu, òun ti mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Òótọ́ sì ni. Àléébù rẹ̀ gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ nígbà náà?

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, a gbọ́ kó, kó, kó lórí àtẹ̀gùn. Aránbàtà tó wà ní igun òpópónà ló ń bọ̀ tòun ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì. Ó jábọ́ láti orí àkàbà, wọ́n fi símẹ́ńtì dì í lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ẹni tó ń ṣe bàtà fún gbogbo àdúgbò, ẹyọ bàtà kan ló wọ̀. Kíákíá fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fojú dá a lẹ́kun. Dápadà ti sá wọ yàrá inú lọ, kó má baà gbọ́ nǹkan kan.

Aránbàtà jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó.”

A kí i kú oríire.

“Ẹ ṣé. Ọ̀nà jíjìn ni, Lárúbáwá ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi, mi ò lè lọ. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìyá ọkọ ẹ̀. Wọ́n á kà á sókè lójú gbogbo ẹbí nígbà tí ìgbéyàwó bá ku ọ̀la. Ẹnì kan ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, òun ló máa bá mi mú un dání.”

Mo ní, “Ṣé ọmọ yín ò gbọ́ èdè wọn ni? Ẹ jẹ́ kó túmọ̀ ẹ̀.”

“Ọmọ yẹn? Ibi tí mo bá ti yìn ín, ojú á tì í, á fò ó.” Ó wo ilẹ̀. “Ìyá ẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Èmi nìkan ni. Obìnrin tó ń lọ bá yẹn ò mọ̀ ọ́n rí. Mo fẹ́ kó mọ irú ẹni tí mo fà lé e lọ́wọ́. Mo fẹ́ kó fi í ṣe ọmọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Lẹ́tà náà ò gùn. Mo ṣì mọ̀ ọ́n lórí: *Mo kí yín, ìyá. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹyinjú mi ni. Ó ní inú rere. Inú mi dùn pé ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Kò ní ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í ṣe ọmọ.*

Ó tún béèrè ohun tí gbogbo wọn máa ń béèrè. “Èmi tí mi ò gbọ́ Lárúbáwá, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ohun tí mo sọ lẹ kọ?”

Àyà mi gbòòrò. Mo ṣàlàyé òfin ara ògiri fún un, mo fi ilẹ̀kùn yàrá inú hàn án. Mo ní, “Ẹni tó wà nínú ibẹ̀ yẹn ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ, kò sì rí i. Ohun tó bá bá nínú Lárúbáwá nìkan ló máa sọ fún wa.”

Kíákíá parí kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Dápadà gbà á, ó tilẹ̀kùn. A ń gbọ́ bó ṣe ń bá bébà náà jà, ó ń pòṣé, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde, mo gbé méjèèjì kalẹ̀, mo ṣí báírò mi.

Kò sí ohun tí mo fẹ́ yí po. Ẹyinjú bọ̀ bí ẹyinjú. Inú rere bọ̀ bí inú rere. Inú mi dùn pàápàá kò yẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo kà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Mo ní, “Ó bára mu délẹ̀délẹ̀!” Kíákíá pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Dápadà ti bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn ara agolo. Aránbàtà fi Lárúbáwá náà sí àpò àyà, ó sì sọ̀ kalẹ̀, kó, kó, kó.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a gbọ́ ẹ̀rín láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rín gbajámọ̀ ni, aránbàtà ti fi lẹ́tà náà hàn án. Ó yẹ kí n sọ pé àárín àwọn Lárúbáwá ni wọ́n bí gbajámọ̀ wa sí. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó ń sọ Yorùbá dáadáa, àyàfi tí inú bá ń bí i. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà la gbọ́ kókókókó, ọ̀pá méjì lórí àtẹ̀gùn bí ìgbà tí òjò yìnyín ń rọ̀ sórí páànù. Aránbàtà wọlé, òógùn bò ó. Gbajámọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, abẹ ìfárí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Aránbàtà nawọ́ sí gbajámọ̀. “Ẹ sọ ohun tí ẹ bi mí fún wọn!”

Gbajámọ̀ wo ilẹ̀. “Mo kàn béèrè pé oyún náà ti tó oṣù mélòó.”

Mo ní, “Oyún wo?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́!” Ó gba bébà náà, ó ń fi abẹ tọ́ka. “Ibí yìí sọ pé ọmọ yìí ní ikùn dáadáa. Lọ́dọ̀ tiwa, téèyàn bá lo ọ̀rọ̀ ‘dáadáa’ yẹn fún nǹkan báyìí, ó lè jẹ́ pé oúnjẹ tó dùn ló ń sọ. Ibí yìí sọ pé ikùn bàbá ẹ̀ náà dùn nítorí pé ọmọ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo ní bóyá ebi ń pa bàbá yìí ni. Tàbí ẹbí wọn fẹ́ràn ikùn. Ibí yìí ńkọ́? Ó ní ọmọ òun ni bọ́ọ̀lù ojú òun.”

“Bọ́ọ̀lù?”

“Bọ́ọ̀lù. Bí èyí tí wọ́n ń gbá. Dókítà ojú lè kọ ọ́, bàbá ìyàwó kọ́.”

Aránbàtà ṣubú sórí àga. Ó ní, “Wọ́n fẹ́ kà á sókè. Lójú gbogbo ẹbí. Ọmọ mi á wà níbẹ̀.” Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi, nítorí èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fi ilẹ̀kùn hàn án.

Mo kọjú sí Kíákíá. Ó ti gbé ìwé atúmọ̀-èdè sáyà bí apata. “Àǹtí, inú ni mo wá nínú ìwé yìí. Ìwé sọ pé ikùn ni.”

Ti Kíákíá rọrùn. Ẹni tó bá ń sáré á kọsẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi fi ẹlòmíì ṣọ́ ọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ńkọ́? Mo gbé Lárúbáwá náà síwájú Dápadà. Mo ní, “Fi ìka sí i. Kí lo rí níbẹ̀?”

Ó fi ìka sí i. “Ikùn.”

“Kí lo kọ?”

“Inú.”

“Níbí ńkọ́?”

“Bọ́ọ̀lù ojú,” ló dáhùn, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. “Mo kọ ẹyinjú.” Ló bá bú jáde. “Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ní lọ́kàn! Mo ń rí Yorùbá ẹ̀ tó ń yọjú lábẹ́ Lárúbáwá bíi ṣẹ́mísì lábẹ́ aṣọ! Ẹni tó bá kọ ‘ikùn mi dùn’, kí ló tún lè máa sọ? Mo bá a tún un ṣe ni.”

“Ta ló ní kí o tún un ṣe? Ìyá ọkọ tó fẹ́ gbọ́ lẹ́tà yìí, ṣé òun náà á rí Yorùbá lábẹ́ ẹ̀?”

Ó yọ ìka kúrò lórí bébà. Gbogbo wa gbọ́ ìbéèrè náà bó ṣe wọlé. Ọmọ Yorùbá ló gbé e lọ, ọmọ Yorùbá ló gbé e bọ̀, àwọn méjèèjì ti mọ ojú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ìdí nìyẹn tó fi bára mu. Kò kan Lárúbáwá rárá. Mo rí i tí Dápadà wo agolo rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóòórùn pé ọbẹ̀ ti kan. Ọdún mẹ́rìndínlógún. Mélòó nínú wọn ló jẹ́ pé ó bá wọn tún un ṣe?

Mo ní ká fi ìyẹn sílẹ̀, ká gbọ́ ti lẹ́tà. Gbajámọ̀ jókòó ti Kíákíá. Mo kìlọ̀ fún gbajámọ̀ pé kó má túmọ̀ ohunkóhun, kó kàn sọ bí ìyá tirẹ̀ á ṣe sọ irú nǹkan báyìí. Kíákíá kọ ọ́, kò yára, nítorí abẹ wà nítòsí ọrùn rẹ̀.

Wàhálà mìíràn dé. Ta ló máa dá a padà? Dápadà ti gbọ́ gbogbo ohun tí lẹ́tà sọ, kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ronú, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó sì sọ ohun tí mi ò rò pé mo lè gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láéláé. “A nílò ẹni tí kò lè tún ohunkóhun ṣe. Ẹ jẹ́ n pe Bàbá àwọn ọmọ mi.”

Ọkọ rẹ̀ dé, ayùn lọ́wọ́, lẹ́búlẹ́bú pákó lórí. A tì í mọ́ yàrá inú. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé gbajámọ̀ sáré lọ fá ìdajì orí kan tó fi sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì tún padà. Nígbà tí káfíńtà jáde, ó fi bébà lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Mi ò fi iyọ̀ sí i.”

Mo gbé méjèèjì kalẹ̀. Pupa! Mo yí po, mo yí po, ọwọ́ ro mí. Níbi tí aránbàtà ti ní *ẹyinjú mi ni*, ohun tó bọ̀ ni *ìtutù ojú mi ni*. *Ó ní inú rere* bọ̀ bí *ọkàn rẹ̀ dára*. *Inú mi dùn pé ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀* ló le jù. Ó bọ̀ báyìí: *Ó da yìnyín sí mi láyà pé ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀*.

Aránbàtà ní, “Yìnyín kẹ̀? Ẹ fi ikùn sílẹ̀, ẹ wá kó yìnyín lé mi láyà? Ṣé òkú ni mí ni?”

Gbajámọ̀ ní kó fara balẹ̀. Ó ní, “Oòrùn wa le. Nǹkan tó bá tutù ló dára lójú wa. Tí ọ̀rọ̀ rere bá kan èèyàn, a máa ń sọ pé ó da yìnyín sí òun láyà. Àwọn àgbà wa ní omijé ìbànújẹ́ máa ń gbóná, omijé ayọ̀ máa ń tutù. Ẹni tó bá jẹ́ ìtutù ojú rẹ, òun nìkan ṣoṣo ló ń fún ẹ ní irú omijé yẹn.” Ó yọ abẹ kúrò ní ọrùn Kíákíá. “Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ‘bọ́ọ̀lù’ àti ‘ìtutù’ yẹn, etí tí kò bá mọ̀ wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é ní ọ̀rọ̀ kan náà.”

Aránbàtà rò ó. Ó bi í pé, “Tí wọ́n bá kà á fún ìyá tiyín, pé ọmọ yín ni ìtutù ojú yín, kí ni wọ́n máa ṣe?”

Gbajámọ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ìyá mi á ní kí wọ́n tún un kà.”

Mo ti báírò mi bọ àpò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bébà mi pupa jù, tí ọkàn mi sì balẹ̀ jù. Lẹ́tà tó bára mu délẹ̀délẹ̀ ì bá ti dójú ti ọmọbìnrin yẹn, èyí tí kò bára mu ló sọ ohun tí bàbá rẹ̀ ń sọ. Ìlà méjì péré ló bọ̀ láìyẹ̀: *Kò ní ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í ṣe ọmọ.* Aránbàtà fọwọ́ sí i, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ìlà méjì ni Dápadà ń kọ. Ohun tó wà lórí bébà ní tààràtà máa wà lókè, ohun tó rò pé wọ́n ń fẹ́ sọ á wà nísàlẹ̀. Ó fi okùn agolo sá aṣọ. Ó tún gbogbo bébà inú rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mí kanlẹ̀. Oníbàárà mẹ́ta ló bẹ̀. Kò sọ ìtàn ìkòkò mọ́.

Ó tó oṣù kan kí aránbàtà tó padà wá. Bàtà méjèèjì ló wọ̀, ó sì ń rìn bí ẹni tó fẹ́ ká rí wọn. Ìyá ọkọ ti fèsì. Kò sí Yorùbá kankan tó ṣáájú èyí, nítorí náà a ò ti ilẹ̀kùn. Dápadà jókòó síwájú gbogbo wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ.

Ìkíni lọ dáadáa. Wọ́n ti ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní. Ó dé ìlà tó kẹ́yìn, báírò rẹ̀ dúró. Mo mọ̀ ọ́n lójú; ojú ẹni tó fẹ́ tún nǹkan ṣe ni. Mo wúkọ́.

Ó ní, “Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ohun tó wà níbẹ̀ ni màá kọ.” Ó kọ ọ́, ó sì kà á sókè: “*Ẹ sọ fún ọmọ wa pé mo pè é báyìí lójú gbogbo èèyàn: ìwọ ni kí o sin mí.*”

Gbajámọ̀ tó gòkè wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yára dá sí i. “Ẹ má bẹ̀rù o! Kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú. Ìyá ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn jù, pé kí n má rí ikú ẹ, kó jẹ́ pé…”

Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣàlàyé. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tirẹ̀? Mo ti mú báírò pupa jáde, bó ti mọ́ mi lára, mo sì tún dá a padà.

Dápadà ò kọ ìlà kejì sábẹ́ rẹ̀. Aránbàtà ní kó tún un kà, ó tún un kà. Ó ní kó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ọmọ ẹni ló ń sin ni,” ni aránbàtà wí. Ó fi ìka kan omijé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì na ìka náà sí gbajámọ̀. “Ẹ fọwọ́ kàn án. Ó tutù lóòótọ́.”